Àlàfo Sàn Ju Àbá Lọ Nínú Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Ara Páálí Oògùn

Ìwà kan wà tó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè Faransé jáwọ́ nínú rẹ̀ kíákíá. Ìwà náà ni kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ tó rò pé ó yẹ dí ojú ibi tí kò rí kà lára páálí oògùn. Wọ́n ń pè é ní ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kọ́. Bí ènìyàn bá túmọ̀ ìwé ìpolówó ọjà tó sì ṣi ọ̀rọ̀ kan tú, ìtìjú ni yóò fi mọ. Bó bá ṣi òṣùwọ̀n oògùn tú, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gbé àṣìṣe náà mì.

Bí ọ̀ràn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní ẹbí lódìkejì ibodè. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Kétu, ní Sábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lọ ṣòwò ní Kútọnu. Èdè Faransé ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sára oògùn tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó ra oògùn tí kò sì lè kà á yóò ya fọ́tò páálí náà, yóò fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù sí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn tó kọ́ Faransé nílé ìwé. Fọ́tò náà yóò dé pẹ̀lú àbùkù tirẹ̀: páálí ti ká kò, iná fílááṣì ti fọ́n sórí ìlà kan, àtàǹpàkò ẹni tó yà á sì ti bo etí kan. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí kò ní fẹ́ kí wọ́n wí pé Faransé òun kò jinlẹ̀. Yóò ka ibi tó mọ́lẹ̀, yóò dábàá ibi tó ṣókùnkùn, yóò sì dá gbólóhùn kan padà tó dán bí ẹni fi òróró pa á. Nínú dídán yẹn gan-an ni ewu wà. Ẹni tó gbà á kò lè mọ èyí tí ògbufọ̀ rí àti èyí tó méfò, nítorí aṣọ kan náà ni òótọ́ àti àbá jọ wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wọn ọ̀rọ̀ náà. Parasitamọ́ọ̀lù olómi ti àwọn ọmọdé wà tí wọ́n ń kọ 2,4 % sí lára. Kọ́mà yẹn kì í ṣe àmì ẹgbẹ̀rún. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, òun ló ń ṣe iṣẹ́ tí àmì tó-tó-kan ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí 2,4 % túmọ̀ sí ni pé mìlígíráàmù 24 wà nínú mìlílítà kan. Òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọmọdé ni mìlígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà wọ̀n, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má sì kọjá mìlígíráàmù 60 fún kílò kan láàárín ọjọ́ kan. Ọmọ tó bá wọ̀n kílò 8 yóò lo mìlígíráàmù 120 lẹ́ẹ̀kan, èyí tí í ṣe mìlílítà 5.

Ká ní sìrínjì kékeré tó bá oògùn náà wá ti sọnù, tí apoògùn sì fi gègé kọ ọ́ sára páálí pé `1 c. à c.` Ìkékúrú ni: ṣíbí ìmutíì kan, tí wọ́n kà sí mìlílítà 5. Òṣùwọ̀n náà pé. Ṣùgbọ́n ìkékúrú mìíràn wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, `1 c. à s.`, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ kan, tí wọ́n kà sí mìlílítà 15. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó kẹ́yìn ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, orí lẹ́tà yẹn sì ni iná fílááṣì bọ́ sí. Bí ògbufọ̀ bá dábàá pé "s" ni, ọmọ náà yóò mu mìlígíráàmù 360 lẹ́ẹ̀kan dípò 120. Ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ó di mìlígíráàmù 180 fún kílò kan, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀dọ̀ ni parasitamọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù máa ń bà jẹ́, kì í sì í pariwo níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà lè bì díẹ̀, ó lè má bì rárá, ara rẹ̀ sì lè dà bí ẹni pé ó ń yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń jìyà. Òbí kò ní rí àmì tí yóò mú un padà béèrè lọ́wọ́ ògbufọ̀.

Àwọn tó ń gbèjà àbá dídá ní ìdáhùn kan tó dùn létí. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ èdè dáadáa yóò fi ọ̀rọ̀ tó yí ibi tó ṣókùnkùn ká mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ka lẹ́tà àti ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn kò wúlò àfi níbi tí ìtumọ̀ kan ṣoṣo bá ti lè bá gbólóhùn mu. Ara páálí oògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣíbí ìmutíì bá a mu, ṣíbí ọbẹ̀ náà bá a mu. Ìgbà 2 lójúmọ́ bọ́gbọ́n mu, ìgbà 3 náà bọ́gbọ́n mu. Kò sí gírámà kankan tí yóò dá ẹni tó ṣì í dúró. Bí Faransé ògbufọ̀ bá sì ṣe dáa tó ni àṣìṣe rẹ̀ yóò ṣe dùn ún kà tó.

Ibòmíràn tí àbá ti ń pani lára ni etí fọ́tò. Lára sìrínjì tó ń bá irú oògùn yìí wá, kílò ọmọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe mìlílítà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wọ̀n kílò 8 yóò fa oògùn dé ojú ìlà 8, ohun tó sì fà kò ju mìlílítà 5 lọ. Bí fọ́tò bá gé ọ̀rọ̀ "kg" kúrò, tí 8 nìkan sì kù, ògbufọ̀ tó bá ti mọ̀ pé mìlílítà ni wọ́n fi ń wọn oògùn olómi yóò kọ mìlílítà 8 láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ti di mìlígíráàmù 192. Bí wọ́n bá fún ọmọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, yóò di mìlígíráàmù 96 fún kílò kan, níbi tí 60 ti jẹ́ òpin.

Ti ìkìlọ̀ tún burú ju ti òṣùwọ̀n lọ. Lára oògùn tí kò wà fún mímu, wọ́n a máa kọ ọ́ pé `NE PAS AVALER`, má ṣe gbé e mì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tó ṣáájú ni òfin náà dúró lé. Bí páálí bá ká kò síbi tí wọ́n wà, `AVALER` nìkan ni yóò kù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "gbé e mì". Ògbufọ̀ kò parọ́, ohun tó rí ló túmọ̀. Síbẹ̀ èèwọ̀ ti di àṣẹ. Nítorí náà, kò tó kí ògbufọ̀ wo ibi tí lẹ́tà ti parẹ́ nìkan. Ó gbọdọ̀ wo bóyá gbólóhùn náà ní orí àti ìdí nínú fọ́tò, kó sì sọ ọ́ nígbà tí kò bá ní.

Kí wá ni ó yẹ kí ó ṣe? Kí ó kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ Faransé náà kọ lẹ́tà fún lẹ́tà, kí ó tó túmọ̀ ohunkóhun. Níbi tí kò bá rí kà, kí ó fi àlàfo sílẹ̀, kí ó sì sọ pé òun kò rí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí ojú àìmọ̀ rẹ̀ kedere, nítorí ìgbà tí ènìyàn bá ń kà tó ń túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni àbá máa ń yọ́ wọlé láìkànlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè fọ́tò mìíràn: nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láìsí fílááṣì, gbogbo ojú páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìwé àlàyé inú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìdáhùn tó péye lórí àpẹẹrẹ ti òkè yìí yóò rí báyìí: "Ohun tí mo rí kà ni 1 c. à, lẹ́tà kan tó tẹ̀lé e kò hàn. Ó lè jẹ́ ṣíbí ìmutíì kan, ó lè jẹ́ ṣíbí ọbẹ̀ kan. Èkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èkíní. Ẹ má tíì fún ọmọ. Ẹ tún un yà, tàbí kí ẹ pe famasí tí ẹ ti rà á. Orúkọ oògùn náà ni parasitamọ́ọ̀lù, 2,4 % ni agbára rẹ̀." Ìdáhùn yìí kò dán, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni òbí lè gbẹ́kẹ̀ lé. Orúkọ oògùn, agbára rẹ̀ àti kílò ọmọ náà ti tó fún apoògùn èyíkéyìí, ní Kútọnu tàbí ní Ìbàdàn, láti ṣírò òṣùwọ̀n láìbéèrè lọ́wọ́ fọ́tò kankan.

Èdè Yorùbá náà ní pàkúté tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ "ṣíbí kan" láìsọ irú ṣíbí wo, tàbí tó kọ "agogo mẹ́fà" níbi tí Faransé ti ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ti da òkùnkùn tuntun sórí ohun tó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹlòmíràn tí kò rí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tún un túmọ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá dọ́gba, a ti rí ibi tí àbá wọlé sí.

Wọn yóò ní ara ọmọ ń gbóná, kò sí àyè fún gbogbo èyí. Fọ́tò kejì kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìpè sí famasí kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí àìsàn bá le débi tí kò lè dúró fún ìwọ̀nba yẹn, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ògbufọ̀. Ẹni tó dábàá lè tọrọ àforíjì lọ́la pé òun ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Abẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ó ní òun sọ abẹ nù. Abẹ ti ṣe ohun tí yóò ṣe.