Owó ọ́fíìsì, ta ni yóò san án?

Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́ aláàánú kan háyà ọ́fíìsì n'Ìjerò-Èkìtì ní 600,000 náírà lọ́dún. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà nídìí iṣẹ́ ìlera, méjì nídìí omi, ẹnì kan nídìí àgbẹ̀. Iye orí ni kí wọ́n fi pín in: ìlera 300,000, omi 200,000, àgbẹ̀ 100,000. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan a máa di gbogbo ẹ̀ ru iṣẹ́ tówó ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ ná, ṣé òun nìkan ló ń lo iná ni?

Wàhálà dé nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Bírú ẹ̀ bá mú iṣẹ́ ìlera lọ, lánlọ́ọ̀dù ò ní dín kọ́bọ̀. Omi yóò di 400,000, àgbẹ̀ 200,000, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn kọ́ làwọn tó ń fún wọn lówó fọwọ́ sí. Kí wọ́n tètè kọ̀wé sí wọn, tàbí kí wọ́n wá yàrá kékeré.