Irun Orí Lọ́tọ̀, Irun Inú Ọ̀rá Lọ́tọ̀

Ọmọbìnrin kan ní Ṣágámù ra wífọ́ọ̀nù mẹ́ta, ojúlówó irun ènìyàn, gígùn ínṣì 18, ó dúdú bí kóró iṣin. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀, àwọ̀ wáìnì ni gbogbo wọn ní àwọn máa gbé sórí lọ́jọ́ náà. Ó ra dáì pupa, ó kó wífọ́ọ̀nù kan sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Ìgbà tó fọ̀ ọ́ jáde, dúdú náà ló rí. Àfi tó bá gbé e sí oòrùn ni pupa díẹ̀ tó ń yọjú. Ló bá gbé irun tọ ẹni tó tà á fún un lọ, ó di ariwo: "Rọ́bà lẹ tà fún mi, ẹ ní irun ènìyàn ni!"

Ìyá olóbìnrin náà kò bá a jà. Ó fa fọ́nrán méjì tu lára irun yẹn, ó ṣáná sí i. Òórùn ìyẹ́ adìẹ tó jóná ló gba ibẹ̀ kan, irun sì di eérú tó ń rún lọ́wọ́. Rọ́bà ì bá yọ́ ni, ì bá sì ká jọ di kókó líle. Irun ènìyàn ni lóòótọ́. Ẹjọ́ irun kọ́.

Àǹtí ọmọ náà, tó ń ṣe irun ní Ìkẹ́nnẹ́, ló là á yé e. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti rí aláró tó ń fi aṣọ dúdú ṣe àdìrẹ rí? Àbí aṣọ funfun kọ́ ni wọ́n ń rì sínú aró?"

"Aṣọ funfun ni, Àǹtí."

"Irun náà nìyẹn. Dáì kì í sọ dúdú di pupa. Ó ní láti kọ́kọ́ yọ dúdú kúrò níbẹ̀, kí pupa tó ríbi jókòó sí."

Ohun tó ń yọ dúdú ni bílíìṣì, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń po mọ́ omi pẹrọ́kísáìdì. Kì í ṣe bílíìṣì ìfọṣọ o, ìyẹn á jẹ irun náà ni. Omi yìí ní agbára orísìírísìí: wọ́n ń kọ 20, 30 tàbí 40 sára ìgò rẹ̀. Ti 20 ní pẹrọ́kísáìdì ìdá 6 nínú 100, ti 40 sì ní ìdá 12. Ohun tó mú kí ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ni ìtàn ìrìn irun inú ọ̀rá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Íńdíà. Ọ̀kan wà tí wọ́n fá lórí àwọn olùjọsìn ní tẹ́ńpìlì Tírúmálà, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ irun ìyarun, èyí tí wọ́n ṣà jọ láti ara ìyarun àti ilẹ̀. Nínú ti ìyarun yìí, ìdí àti orí irun ti dàrú mọ́ra, ó sì ń ta kókó. Nítorí náà, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ásíìdì bó ìpẹ́ ara rẹ̀ kúrò, wọn a wá fi sílíkóònù ra á kó lè máa dán. Irun tó ti jìyà tó báyìí kò tún lè gba ìgò 40. Tí 20 bá wà nílé, kí la fẹ́ fi ogójì ṣe?

Àǹtí ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣámúpù tí kò ní òróró fọ wífọ́ọ̀nù náà dáadáa, kí sílíkóònù lè kúrò, kí wọ́n sì sá a gbẹ. Ibí ni irun orí ti yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó fẹ́ bílíìṣì irun orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí òróró tí orí ń mú jáde fúnra rẹ̀ ló ń gba awọ orí lọ́wọ́ ìta. Irun inú ọ̀rá kò lórí, kò ní òróró, kò sì ní awọ tó lè ta.

Ó gé fọ́nrán díẹ̀ níbi tí kò hàn, ó kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn wífọ́ọ̀nù kan wà tó jẹ́ pé dáì dúdú ni wọ́n ti fi kùn wọ́n láti ilé iṣẹ́. Irú wọn á kàn pọ́n ṣàkàṣàkà, á dúró síbẹ̀. Tiwọn yìí ṣí dáadáa, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá bu ìyẹ̀fun ife kan sí omi ìgò 20 ife méjì nínú abọ́ oníke, kì í ṣe ti irin, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì tẹ́ irun lélẹ̀ lórí fọ́ìlì. Ó fi nǹkan bí ìbú ìka kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti rán irun náà pọ̀, nítorí bílíìṣì a máa sọ ìdí irun di aláìlágbára, ìyẹn ló ń mú kí wífọ́ọ̀nù máa já tuu. Lórí ènìyàn náà, wọ́n ń fi ìdí sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀: ooru orí ń mú kí bílíìṣì yára ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ìdí irun á fi funfun ju ara yòókù lọ. Nínú fọ́ìlì kò sí ooru orí, nítorí náà iṣẹ́ náà a máa pẹ́ díẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú 10-10 ni wọ́n ń ṣí i wò. Dúdú kọ́kọ́ di àwọ̀ igi, ó di pupa rúsúrúsú, ó wá di àwọ̀ ọsàn. "Ó tó," ni Àǹtí wí. Ọmọ yìí fẹ́ kó di àwọ̀ ìyeyè. "Kí lo fẹ́ fi ìyeyè ṣe? Wáìnì lo ń wá. Ẹni tó fẹ́ funfun ló ń dé ìyeyè." Ìṣẹ́jú 35 ló gbà wọ́n. Tó bá kọjá 45, wọn ì bá fọ̀ ọ́ dànù, bó ti wù kó rí.

Ìgbà tí wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án tán, ó fa fọ́nrán kan. Irun tó ṣì dára á nà díẹ̀, á padà sáyè rẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ á máa yọ̀, á máa fà bí ọbẹ̀ ilá, kò sì ní padà. Irun orí tó bá bàjẹ́ báyìí, wọ́n lè gé e, òmíràn á hù. Ti ọ̀rá kò ní hù mọ́ láéláé. Wọ́n wá kun dáì wáìnì, ìṣẹ́jú 30, wọ́n ṣan án, wọ́n fi kọndíṣọ́nà sí i, wọ́n sì sá a sí òjìji. Ó pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́.

Ọmọ náà tún béèrè: "Àǹtí, tí mo bá ti rán wífọ́ọ̀nù mọ́rí, ṣé n ò lè kùn ún lórí níbẹ̀?" Àǹtí pariwo mọ́ ọn. Bílíìṣì á wọ inú ìdì tó wà nísàlẹ̀, omi kò ní lè ṣan án tán níbẹ̀, irun tirẹ̀ àti awọ orí ni yóò jìyà, pàápàá irun tó ti rí rìláásà láìpẹ́. Dáì tó ń pẹ́ lára irun pẹ̀lú ní èròjà kan tó lè mú kí orí wú, kí ojú sì dí pa. Ẹni tó fẹ́ kùn ún sórí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kó dúró fún wákàtí 48, kó wò ó bóyá ó ń yún un. Irun tó wà lórí tábìlì kò nílò ìyẹn, àmọ́ kí wọ́n ṣan án títí omi yóò fi mọ́ gaara kó tó gorí ẹnikẹ́ni.

Nípa bí àwọ̀ náà yóò ṣe pẹ́ sí, irun orí a máa hù ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, dúdú á sì máa yọ nídìí. Wífọ́ọ̀nù kò ní irú ìyẹn, oòrùn àti fífọ̀ ló ń pa àwọ̀ tirẹ̀ rẹ́. Omi tútù ni kí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́.