Ọmọ tí ìyàwó mú wá kì í jogún àfi tí ìwé bá wà

Ní Gonzagueville, ládùúgbò Port-Bouët ní Abidjan, kì í ṣe nǹkan tuntun kí ọmọ Èjìgbò kan fẹ́ obìnrin tó ti bímọ rí, kó sì tọ́ ọmọ náà bíi tirẹ̀. Àmọ́ tí ọkùnrin náà bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, òfin Côte d'Ivoire kò ní béèrè ẹni tó san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bí ọmọ, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ sọ pé ó gbà á ṣọmọ, ló máa wò.

Ẹ jẹ́ ká ní ohun ìní tó jẹ́ ti olóògbé nìkan tó mílíọ̀nù 40 sẹ́fà. Ó fi ìyàwó tí wọ́n so pọ̀ ní mẹ́rì sílẹ̀, ọmọ bíbí méjì, àti ọmọbìnrin kan tí ìyàwó mú wá. Gẹ́gẹ́ bí òfin ogún ọdún 2019, ìyàwó ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn mílíọ̀nù 10. Mílíọ̀nù 30 tó kù di ti àwọn ọmọ bíbí, 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orí-ò-jorí ni pínpín ibẹ̀, kò sí ìdí-igi. Ọmọbìnrin yẹn kò gba kọ́bọ̀.

Ká ní ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i pé bàbá náà gbà á ṣọmọ ni, ọmọ mẹ́ta ni ì bá pín mílíọ̀nù 30, mílíọ̀nù 10 lórí kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ irú ìgbàṣọmọ tí kò já okùn ọmọ kúrò lára ìdílé tó bí i, ó tún lè jogún níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọ́n á kàn lọ sọ ní mẹ́rì pé àwọn ló bí ọmọ. Irọ́ ni, àwọn ajogún yòókù sì lè pè é lẹ́jọ́ lọ́jọ́ ìpín.

Ẹni tí kò fẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́ lè ṣe ìwé ìhágún, àmọ́ ó ní ààlà. Òfin ọdún 1964 sọ pé ẹni tó bá ní ọmọ kò lè fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun ìní rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Nínú àpẹẹrẹ wa, mílíọ̀nù 10 náà ni, tó bá jẹ́ pé kò tíì fi ohunkóhun tọrẹ nígbà ayé rẹ̀. Bó bá kọ gbogbo ilé fún un, àwọn ọmọ bíbí lè gba èyí tó lé padà.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi kọ ìwé náà látòkèdélẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bó ti wù kí ìbuwọ́lù rẹ̀ dára tó. Lọ́dọ̀ nótéè, amòfin tí ìjọba fún láṣẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ló ti fini lọ́kàn balẹ̀ jù, torí ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí máa ń sọnù.

Ilé tó bá wà ní Èjìgbò ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ló ń darí ìyẹn. Kí bàbá náà tún wá amòfin nílé.