Ojú Ni Wọ́n Ń Wò, Kì Í Ṣe Gèlè

Ìyá kan ní Iléṣà wá bá mi lẹ́yìn ìsìn pé kí n kọ lẹ́tà kan fún òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Amẹ́ríkà, màmá sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Wọ́n ti sọ fún un pé fọ́tò tó fi gèlè yà kò bá fọ́ọ̀mù físà mu, àfi tí ìborí náà bá jẹ́ ti ẹ̀sìn. Ohun tó fẹ́ kí n kọ ni pé ìjọ wa kò gba obìnrin láàyè láti ṣí orí sílẹ̀. Mi ò kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí fọ́tò náà ṣe rí, nítorí gèlè nìkan kọ́ ló bà á jẹ́. Aṣọ pupa ni ayàwòrán ta sí ẹ̀yìn màmá, irú èyí tí a máa ń lò fún fọ́ọ̀mù ilé ìwé níbí. Màmá rẹ́rìn-ín, eyín hàn, iná sì ń kọ yànrànyanran nínú gíláàsì ojú rẹ̀. Nítorí kí gèlè lè wọlé tán, ayàwòrán sún sẹ́yìn, ojú màmá wá kéré. Èyí tó dùn mí jù ni pé pélé tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá láti kékeré kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà nù ún kúrò kí ojú lè dán.

Fọ́tò físà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 2 ní ìbú àti ínṣì 2 ní gíga, kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kó má sì ju oṣù 6 lọ tí wọ́n ti yà á. Láti àgbọ̀n dé òkè orí gbọ́dọ̀ wà láàrin mìlímítà 25 sí 35. Ti pásípọ́ọ̀tù ìlú Òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀: mìlímítà 35 ní ìbú, 45 ní gíga, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì jẹ́ àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ tàbí ti mílíìkì. Nítorí náà, ẹ sọ ibi tí fọ́tò ń lọ fún ayàwòrán kó tó gbé kámẹ́rà.

Lórí ìborí, Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ sí, àfi èyí tí ènìyàn ń wé lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀sìn. Kódà, gbogbo ojú láti àgbọ̀n dé iwájú orí gbọ́dọ̀ hàn, òjìji aṣọ kò sì gbọdọ̀ ṣubú sí i. Ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ ti arábìnrin wa tí kì í ṣí orí, ó sì jẹ́ ti obìnrin Mùsùlùmí tó ń wọ híjáàbù. Àwa ará Ọ̀ṣun tí a rí ariwo híjáàbù ilé ìwé ní 2016, tí àwọn ọmọ kan ní Ìwó fi aṣọ kwáyà lọ sí kíláàsì, ó yẹ kí a lè gbà fún ara wa lórí èyí. Tí ayàwòrán bá ní kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣí orí pátápátá, kó sọ fún un pé etí aṣọ lásán ni òun yóò sún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n màmá tiwa ń lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà láìwé nǹkan kan. Èmi fúnra mi ti pàdé rẹ̀ níbẹ̀. “Lójoojúmọ́” ni òfin wí, kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Tí mo bá fọwọ́ sí irọ́ yẹn, kí ni lẹ́tà mi yóò tún wúlò fún lọ́jọ́ tí arábìnrin tó ń wé orí ní tòótọ́ bá nílò rẹ̀?

Ti gíláàsì kò le. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2016 ni Amẹ́ríkà ti ní kí a máa yọ ọ́ nínú fọ́tò físà, àfi tí dókítà bá kọ̀wé pé kò ṣeé yọ. Ẹnu pípanu dé náà ní ìdí. Ẹ̀rọ ń wo bí ojú, imú àti ẹnu ṣe jìnnà síra, ẹ̀rín sì máa ń fa ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò níbi tí wọ́n wà.

Pélé tí wọ́n nù ló yẹ kí a bínú sí. Òfin kò gba kí a fi kọ̀ǹpútà tún ojú ẹnikẹ́ni ṣe, nítorí ojú tí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú yóò rí lọ́ọ̀ọ́kán ni fọ́tò gbọ́dọ̀ gbé. Mo mọ ohun tó ń fà á. Tí ènìyàn dúdú bá jókòó síwájú ògiri funfun, ìmọ́lẹ̀ ògiri a tan kámẹ́rà jẹ, kámẹ́rà a dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú a ṣókùnkùn. Ayàwòrán a wá fi kọ̀ǹpútà bó o. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí ẹni náà jókòó bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ògiri, kó kọjú sí fèrèsé tí oòrùn kò ràn wọlé tààrà, kí ayàwòrán sì fi kún ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà títí ilà ojú yóò fi hàn kedere. Ẹ wo etí àti irun náà: tó bá rí bí ohun tí wọ́n fi sáàsì gé, ẹ̀yìn funfun yẹn kì í ṣe ògiri, kọ̀ǹpútà ló fi í síbẹ̀.

Màmá padà lọ ya òmíràn, pẹ̀lú irun dídì àti ojú lásán, pélé rẹ̀ sì yọ dáadáa. Ó wò ó títí, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ti dàgbà tó báyìí. Ó san owó lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ayàwòrán tó nu ilà rẹ̀ kò dá kọ́bọ̀ padà.