Ìbéèrè Ìdánwò Kétárìn Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé Èèpo Iṣu

Ẹ wo ìbéèrè yìí ná. "Ilé oúnjẹ kan ra iṣu kílò 15 ní ₦12,000. Gíráàmù 400 ni iyán àwo kan. Ọbẹ̀ àti ẹran àwo kan jẹ́ ₦480. Èló ni kí wọ́n máa ta àwo kan tí wọ́n bá fẹ́ kí owó oúnjẹ jẹ́ 40% owó tí wọ́n tà á?"

Àwa la fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́, a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ṣe ìdánwò kétárìn rí, ìbáà jẹ́ ní girama tàbí ní pólì, yóò dá irú rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ìjọba kó iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2011, kétárìn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kó wọ inú rẹ̀ nígbà náà. Ìṣirò owó àwo kan sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń fi ìwé sílẹ̀ láìdáhùn.

Ìdáhùn tí wọ́n ń retí rọrùn. Kílò 15 jẹ́ gíráàmù 15,000. Pín in sí 400, àwo 37 àti ààbọ̀ ni. Pín ₦12,000 sí 37 àti ààbọ̀, iyán àwo kan di ₦320. Fi ₦480 ọbẹ̀ àti ẹran kún un, ó di ₦800. ₦800 yìí ni 40%, nítorí náà iye tí wọ́n máa tà á ni ₦2,000. Olùkọ́ á fa ìlà pupa sí i, á fún ọmọ ní máàkì rẹ̀ pé.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, àti pé ìbéèrè náà ló kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ìtagunmódì, kí a lè rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ìlú yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtàkúnmọ́sà Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ọ̀ṣú. Oko kòkó ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kódà, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pe oríṣi ilẹ̀ pupa kan nínú ìwé wọn. Lónìí, wúrà ni ẹ̀ka ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀. Àwọn awakùsà wá láti ọ̀nà jíjìn, títí dé Òkè Ọya, wọ́n gbẹ́ kòtò sí àárín oko. Ibi tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí, oúnjẹ gidi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ kòtò láàárọ̀ kì í jẹ búrẹ́dì kékeré lọ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn ńkọ́? Ta ni yóò bá Ìjẹ̀ṣà jiyàn lórí iyán?

Ká sọ pé ẹnì kan tó gba máàkì pé lórí ìbéèrè òkè yìí lọ ṣí búkà síbẹ̀. Ó ra iṣu márùn-ún tó wọn kílò 15, ó san ₦12,000. Ó bó o. Ó gé orí, ó gé ìdí, ó yọ ibi tí ó ti dúdú kúrò. Ó gbé ohun tó kù sórí òṣùwọ̀n kó tó sè é, kílò 12 ló kù. Kílò mẹ́ta ti bá èèpo lọ sí ọ̀dọ̀ ewúrẹ́. Kò sí jìbìtì kankan nínú rẹ̀, bí iṣu ṣe rí nìyẹn. Ká tilẹ̀ gbà pé iyán tó jáde láti inú odó wọn kílò 12 bákan náà. Nígbà tó bá ń bu gíráàmù 400 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, odó á tán sí àwo ọgbọ̀n. Àwo 37 tó wà nínú ìwé kò ní yọjú láéláé.

Nítorí náà, iye owó kílò kan kì í ṣe ₦800 tó san lọ́jà. ₦12,000 ló fi ra kílò 12 tó ṣeé jẹ, kílò kan jẹ́ ₦1,000. Iyán àwo kan jẹ́ ₦400, kì í ṣe ₦320. Pẹ̀lú ọbẹ̀ àti ẹran, ó di ₦880. Tí ₦880 bá jẹ́ 40%, ₦2,200 ni kó máa tà á. Ṣùgbọ́n ₦2,000 ló ti kọ sára pátákó. Pín ₦880 sí ₦2,000, 44% ni owó oúnjẹ rẹ̀ jẹ́. ₦80 ń jò lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ₦2,400 lórí odó kan. Bó bá gún odó méjì lójúmọ́, ẹ bá a ṣírò rẹ̀ dé ìparí oṣù. Kò sì lè sọ pé òun yóò dín òkèlè kù kí ó lè bá ìwé mu, torí awakùsà tó jẹ ẹ́ lánàá mọ bó ṣe tó.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé èyí ń ṣẹlẹ̀ sí òun? Kò ní í rí i nínú ìwé ìnáwó, torí iye tó ra iṣu kò yí padà. Inú iye àwo ni yóò ti rí i. Tí ìwé bá ní 37, tí odó sì ń tán sí 30 lójoojúmọ́, kó má tíì fura sí ọmọ tó ń báni bu oúnjẹ. Kó kọ́kọ́ wọn iṣu kí wọ́n tó bó o àti lẹ́yìn tí wọ́n bá bó o. Tí ìyẹn bá ti wọlé nínú ìṣirò, tí àwo sì tún dín, ìgbà náà ni kó wo ọwọ́ tó ń bu ú. Bí ọwọ́ náà bá ń bu gíráàmù 480 dípò 400, kílò 12 á tán sí àwo 25, iyán àwo kan á di ₦480. Àdánù méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti wá yàtọ̀. Èkíní ti ọjà ni, èkejì ti ilé ìdáná.

A sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé 12 nínú 15 yẹn kì í ṣe òfin. Iṣu tó ti pẹ́ nínú àká, tó ti ń hù, máa ń pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló fi yẹ kí wọ́n tún un wọ̀n bí ìgbà iṣu bá ṣe ń yí.

Ìṣòro kejì tí a ń rí nínú ìwé ìdáhùn àwọn ẹlẹgbẹ́ wa wà lórí ọ̀rọ̀ pásẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Bí owó oúnjẹ bá jẹ́ 40%, 60% ló kù, òun ni wọ́n ń pè ní èrè àkọ́kọ́, ìyẹn kí a tó san owó gáàsì, owó ilé àti owó òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìbéèrè bá ní "èrè àkọ́kọ́ 60%", ọ̀pọ̀ máa ń mú ₦880, wọ́n á wá 60% rẹ̀, wọ́n á rò ó mọ́ ọn. Ó di ₦1,408, wọ́n sì ti parí nìyẹn. Ẹ pín ₦880 sí ₦1,408 kí ẹ wò ó: 62.5% ni owó oúnjẹ. Èrè tó yẹ kó jẹ́ ₦1,320 lórí àwo kan ti di ₦528. Ìdí rẹ̀ ni pé orí iye tí a ta oúnjẹ ni 60% yẹn dúró sí, kì í ṣe orí iye tí ó ná wa. Láti ₦880 dé ₦2,200, ohun tí a rò mọ́ ọn jẹ́ 150% owó tí a ná. A kò dá àwọn ọmọ lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀, torí ìyá oníbúkà àti oníṣòwò gbogbo ló máa ń ka èrè láti orí owó tí wọ́n fi ra ọjà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn. Ìwé kétárìn ló kà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́ ketekete pé ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá fi owó tó ná pín sí iye tó fẹ́ tà á kó tó fi ìwé sílẹ̀ yóò rí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀.

40% yìí náà, èèyàn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di òrìṣà. Ká ní mọ́ínmọ́ín kan ná wa ní ₦300, tí a ń tà á ní ₦1,000. 30% ni owó oúnjẹ rẹ̀, ó dára ju ti iyán lọ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ₦700 ló kù nídìí mọ́ínmọ́ín, ₦1,320 ló kù nídìí iyán. Náírà ni onílé ń gbà, kò sí onílé tó ń gba pásẹ́ńtì. A kò tíì rí ìbéèrè tó ní kí ọmọ fi oúnjẹ méjì wé ara wọn báyìí, kó sọ èyí tí òun yóò máa tì síwájú oníbàárà àti ìdí rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan ti bá wa jiyàn pé ìdánwò gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn kan ṣoṣo, pé bí a bá kó èèpo wọ inú rẹ̀, ẹnu ọmọ kò ní kò. Òótọ́ ni bí a bá ní kí ọmọ fi ojú inú wo iye èèpo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìbéèrè lè sọ iye tó kù lẹ́yìn bíbó, bó ṣe sọ iye owó iṣu. Gbólóhùn kan péré ni. Ó sì lè sọ iye iṣu tí wọ́n rà, torí kò sí ẹni tó ń ta iṣu ní kílò ní ọjà wa. Bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ńgò wọn ẹ̀gúsí ni wọ́n ń ka iṣu ní oókan, oníbúkà ni yóò sọ ọ́ di kílò fúnra rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n máa bi wá rèé:

"Oníbúkà kan ní Ìtagunmódì ra iṣu márùn-ún ní ₦12,000. Wọ́n wọn kílò 15 kí wọ́n tó bó wọn, kílò 12 lẹ́yìn tí wọ́n bó wọn tán. Gíráàmù 400 ni iyán àwo kan. Ọbẹ̀ àti ẹran àwo kan jẹ́ ₦480. (i) Àwo mélòó ni yóò jáde? (ii) Èló ni kó máa ta àwo kan kí owó oúnjẹ lè jẹ́ 40%? (iii) Ní ọjọ́ kejì, ó ra iṣu kan náà, ó wọ̀n bákan náà, ṣùgbọ́n àwo 25 ló tà kí iyán tó tán. Kí ló ṣẹlẹ̀, níbo ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wò?"