Omi ni, kì í ṣe Òmìrán

Bí a bá ńsọ̀rọ̀ àwọn òkúta ńláńlá ilẹ̀ Égíptì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yíò fi wí pé òmìrán tàbí oògùn ni ó gbé wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ibojì Jehutihótẹ́pù, ìjòyè kan ní nǹkan bí 3,900 ọdún sẹ́hìn, a ya àwòrán 172 ọkùnrin tí nwọ́n ńfi okùn fa ère rẹ̀ lórí ọkọ̀ igi tí kò ní kẹ̀kẹ́. Ẹnìkan dúró níwájú ọkọ̀ náà, ó ńda omi sílẹ̀. Àwọn kan rò pé ètùtù ni. Ṣùgbọ́n ní 2014 àwọn onímọ̀ Yunifásítì Amsitadámù dán an wò: iyanrìn gbígbẹ a máa wọ́jọ bí òkìtì níwájú ọkọ̀; bí omi bá tó ìwọ̀n, iyanrìn a le, agbára ìfà a sì dín tó ìdajì. Bí omi bá pọ̀ jù, ìfà a tún wúwo.

Lótitọ́, omi kò lè gbé òkúta gòkè. Fún èyíinì, ní ibi ìwakúta Hátínúbù, a rí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láàárín àtẹ̀gùn méjì, pẹ̀lú ihò òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dàbí ẹni pé òpó wọ̀nyí ni nwọ́n fi okùn lọ́ mọ́ láti fa òkúta gòkè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ wọn sí ti oògùn gba ọgbọ́n wọn lọ́wọ́ wọn.