Láti Orí Tábìlì Akọ̀wé: Ohun Tí Wọ́n Béèrè Ni Kí Ẹ Dáhùn

Ọ̀rọ̀ ìwé ìwáṣẹ́ ni èmi mú wá lóṣù yìí.

Láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ ní Borno ní ọdún 2009, àjọ ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ni ó ti ṣí ọ́fíìsì sí Màídúgùrì. Wọ́n ń wá akọ̀wé, awakọ̀, nọ́ọ̀sì àti sítọ̀kípà. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kàdúná níhìn-ín ń kọ̀wé sí wọn. Mo mọ àwọn kan nínú wọn tí wọ́n tó iṣẹ́ náà ṣe dáadáa, síbẹ̀ a kò pè wọ́n. Àwọn òbí a máa sọ pé nítorí pé wọn kò mọ ẹni ńlá ni. Nígbà mìíràn ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n gbé wá kí n bá wọn wò, ìwé náà fúnra rẹ̀ ni ó pa wọ́n lára.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà bí ó bá dé ọ̀hún. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́ kò wá ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni. Ó ti fa ìlà sórí bébà: orúkọ àwọn tí wọ́n kọ̀wé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn àmúyẹ tí ìpolówó béèrè sì wà lókè. Bí ó bá rí ẹ̀rí àmúyẹ kan, yóò fi máàkì sí i. Bí kò bá rí i, yóò fi òfo sí i. Àwọn tí máàkì wọn pọ̀ jù ni a óò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò lè fún ènìyàn ní máàkì nítorí ohun tí kò rí kà, kódà bí onítọ̀hún bá mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ó gbé ìpolówó kan wá bá mi pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wo ìwé mi kí n tó fi ránṣẹ́." Iṣẹ́ sítọ̀kípà ni, ní Màídúgùrì. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, òun náà yóò sì fi Òyìnbó dáhùn, ṣùgbọ́n n ó fi Yorùbá sọ ọ́ níhìn-ín. Àmúyẹ 5 ni wọ́n sọ pé ó di dandan: ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá, ìrírí iṣẹ́ sítọ̀ fún ọdún 3 ó kéré tán, ìrírí nínú títọ́jú káàdì ọjà àti ṣíṣe ìròyìn oṣooṣù, ìrírí nínú bíbójútó ọjà tí ó ní ọjọ́ ìparí, àti gbígbọ́ Òyìnbó àti Haúsá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ pé bí ènìyàn bá ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí tí ó gbọ́ Kànúrí, yóò dára. Wọ́n ní nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ náà gan-an ni kí a ti dáhùn gbogbo rẹ̀, kí ó má ju ojú ewé 2 lọ.

Kí ni arákùnrin yìí kọ? "2019 sí 2023: sítọ̀kípà ní ilé ìtajà oògùn. Mo ń bójú tó ọjà. Olóòótọ́ ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ kára, mo sì lè bá gbogbo ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀." Ó tán. Ìyókù ojú ewé náà kún fún orúkọ ilé ìwé, eré ìdárayá tí ó fẹ́ràn, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ọjọ́ 5 tí ó ṣàlàyé ní ìlà 8. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe dandan gba ìlà 8, ìtọ́jú káàdì tí ó jẹ́ dandan kò ní ìlà kan.

Mo ní kí ó jókòó, kí a ka ìpolówó náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní kí ó fi bírò fa ìlà sí nídìí. Èkíní ni "àti." Níbikíbi tí "àti" bá wà nínú àmúyẹ, ohun méjì ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ káàdì ọjà tí kò dárúkọ ìròyìn oṣooṣù, ìdajì ni ó dáhùn. Èkejì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "ìmọ̀" àti "ìrírí." Bí wọ́n bá ní àwọn ń fẹ́ ìmọ̀, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lè tó fún un. Bí wọ́n bá ní ìrírí, iṣẹ́ tí a ti fi ọwọ́ ara wa ṣe ni wọ́n fẹ́ gbọ́: ibi tí a ti ṣe é, àti iye ìgbà tí a fi ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ni mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2019. Ìgbà wo ni ó kúrò? Ní ìparí oṣù kẹfà 2023. Ọdún 4 àti oṣù 5 nìyẹn. Kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó kọ "2019 sí 2023" lásán lè jẹ́ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá tí ó sì kúrò ní oṣù kìíní, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ọdún 3 lọ. Ẹni tí ń ka ìwé kò ní bá wa fi ojú rere ṣírò.

A dé orí àmúyẹ kẹrin, ọjà tí ó ní ọjọ́ ìparí. Ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi béèrè rẹ̀. Lára ohun tí irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ń kó sí sítọ̀ ni oúnjẹ ẹ̀pà lílọ̀ tí a ń fún àwọn ọmọ tí àìjẹunkánú ti sọ di egungun. Páálí kan máa ń ní àpò kékeré 150, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí ọmọ kan yóò jẹ títí ara rẹ̀ yóò fi yá, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí sítọ̀kípà bá jẹ́ kí páálí kan kọjá ọjọ́ ìparí rẹ̀, oúnjẹ ọmọ kan ni ó ṣòfò. Nítorí náà "mo ń bójú tó ọjà" kò lè tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mo bi í pé báwo ni ó ti ń ṣe oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ń lọ. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ jáde! Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ọjà tí ó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń tò síwájú, tí ti àtijọ́ yóò sì máa bàjẹ́ lẹ́yìn. Páálí 31 ni wọ́n dà nù ní ọdún tí ó ṣáájú. Òun ni ó tún gbogbo rẹ̀ tò, tí èyí tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ súnmọ́ jù wà níwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Ó fi bébà pupa sára èyí tí ó ku oṣù 3, ó sì ń fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọ̀gá ní ìparí oṣù kí a lè tètè tà wọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, páálí 6 ni wọ́n dà nù. Gbogbo èyí wà nínú káàdì àti nínú lẹ́jà. Arákùnrin yìí kò sì kọ ọ̀kan nínú rẹ̀!

Ọ̀nà mẹ́rin ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń gbà: bí ọ̀ràn ti rí, iṣẹ́ tí ó já lé wa lọ́wọ́, ohun tí a ṣe, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Kí ohun tí a ṣe gùn jù. Kí a sì kọ "mo," kí a má kọ "a." Ìwà ọmọlúàbí wa a máa mú wa sọ pé "a ṣe é," ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi máàkì síwèé kò ní mọ ẹni tí ó gbé ẹrù nínú yín àti ẹni tí ó dúró wòran.

Èyí ni ohun tí ó wá kọ fún àmúyẹ kẹta àti ìkẹrin, ní abẹ́ iṣẹ́ náà: "Mo tọ́jú káàdì ọjà fún irú oògùn 240. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan mo ka ohun tí ó wà nílẹ̀, mo fi wé káàdì, mo sì kọ ìròyìn fún ọ̀gá. Mo bá ọjà tí a tò láìwo ọjọ́ ìparí. Mo tún wọn tò, mo sì fi àmì sára èyí tí ó ku oṣù 3. Ọjà tí a dà nù lọ sílẹ̀ láti páálí 31 sí 6 láàrin ọdún kan." Ìlà mélòó kan péré nìyẹn, kò sì sí ibi tí ó ti pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́ níbẹ̀.

Ní ti Haúsá, ó ti kọ pé "mo gbọ́ ọ." Ta ni kò gbọ́ ọ nínú ọmọ tí a bí sí Kàdúná? Ó tún un kọ pé òun ń fi Haúsá ka ẹrù lé awakọ̀ àti alábàárù lọ́wọ́, òun sì ń fi Òyìnbó kọ wébíìlì rẹ̀. Kò gbọ́ Kànúrí, nítorí náà kò dárúkọ rẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà, ó kọ òótọ́ ní ìlà 1: òun lè tẹ iye ọjà sínú Excel, kí òun sì ro ó pọ̀.

Ó ku ibi tí a ó kọ ọ́ sí. Ní òkè ojú ewé kìíní, kí a to àmúyẹ náà ní nọ́ńbà, bí ìpolówó ti tò wọ́n, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ìpolówó fúnra rẹ̀ lò, kí a sì fi ìlà kan tàbí méjì dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàyé kíkún yóò wà lábẹ́ iṣẹ́ tí a ti ṣe é. Kí ọjọ́ tí ó wà lókè má bá ti ìsàlẹ̀ jà.

Ó ní ibi tí ọgbọ́n yìí mọ. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ sítọ̀ fún ọdún 2 kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́ di 3, kí ó má sì bu oṣù kún un, nítorí wọn a máa kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ àtijọ́ láti béèrè. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ìpolówó tí ó béèrè ọdún 1. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tí kì í ṣe dandan ni kò ní, kí ó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́.

Kí ẹ tó fi ìwé yín ránṣẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí àwa ní rélùwéè ti ń fi wébíìlì yẹ ẹrù wò. Ìpolówó ni wébíìlì, ìwé yín ni ẹrù. Ẹ fi nọ́ńbà sí àmúyẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí ó dá a lóhùn nínú ìwé yín. Nọ́ńbà tí kò ní ìlà, ẹrù tí ó sọnù ni; ẹ wá a. Ìlà tí kò ní nọ́ńbà, ẹrù tí kò sí nínú wébíìlì ni. Yàtọ̀ sí orúkọ, àdírẹ́sì àti àwọn tí yóò jẹ́rìí yín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ìpolówó lọ́wọ́ lè mú un wá sí ìpàdé wa. Ó dìgbà o.